Fọ́tééjì Wo Lo Fi Sínú V²/R? Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Tiransifọ́mà àti Wáyà Ọ̀nà Jíjìn

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí a bá ti parí ẹ̀kọ́ lórí tiransifọ́mà: kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé fọ́tééjì iná ga kí wọ́n tó rán an lọ sọ́nà jíjìn? Gbogbo wọn ló máa ń dáhùn pé kí agbára má baà ṣòfò lójú ọ̀nà ni. Ìdáhùn yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n fi ìṣirò ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń dojú rú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á fa V²/R yọ, ìyẹn fọ́tééjì ìlọ́po ara rẹ̀ pín sí ìdènà, wọ́n á fi fọ́tééjì ńlá sípò V, ìdáhùn tó jáde á sì sọ pé bí fọ́tééjì bá ṣe ń ga tó ni òfò ń pọ̀ tó. Ohun tí ẹnu wọn sọ àti ohun tí bírò wọn kọ ti ta ko ara wọn, wọ́n á sì fi ìwé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé ibi tí àtakò yẹn wà gan-an ni òye ọ̀rọ̀ náà wà.

Ẹ jẹ́ ká mú jẹnẹrétọ̀ kan tó ń pèsè agbára 10,000 wáàtì ní 250 fóòtì. Àwọn tó fẹ́ lo iná náà wà lókèèrè. Wáyà méjì ló dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀, ìdènà méjèèjì lápapọ̀ sì jẹ́ 0.5 óòmù. (Ẹ má gbàgbé wáyà àbọ̀ o. Ẹni tó bá ka ẹyọ kan ṣoṣo ti fojú fo ìdajì òfò náà.)

Kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú wáyà kọjá ni 10,000 pín sí 250, ìyẹn 40 ámípíà. Agbára tó ń di ooru lára wáyà ni I²R: 40 × 40 × 0.5, ó jẹ́ 800 wáàtì. Nínú 10,000, 9,200 ló máa dé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ lò ó.

Ẹ wá wo ohun tí ẹni tó ṣì í á kọ. Á ní V²/R, 250 × 250 pín sí 0.5, ó di 125,000 wáàtì. Dúró níbẹ̀ kí o wo iye yẹn dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ kò pèsè ju 10,000 lọ; báwo ni wáyà ṣe máa fi 125,000 ṣòfò? Ẹni tó gbé garawa omi kan jáde nílé kò lè da garawa méjìlá àtààbọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbàkigbà tí òfò bá ti ju ohun tí a rán lọ, fọ́tééjì tí kì í ṣe ti wáyà ti wọ inú ìṣirò nìyẹn.

V²/R fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀. V tó wà nínú rẹ̀ ni kì í ṣe fọ́tééjì jẹnẹrétọ̀. Fọ́tééjì tó wà láàárín orí wáyà àti ìdí wáyà yẹn kan náà ló ń béèrè, ìyẹn iye fóòtì tí wáyà jẹ nínú iná bó ṣe ń kọjá. Nínú àpẹẹrẹ wa, 40 × 0.5 ni, 20 fóòtì péré: wáyà àlọ jẹ 10, wáyà àbọ̀ jẹ 10. Fi 20 yẹn sínú rẹ̀ wàyí: 20 × 20 pín sí 0.5, ó padà di 800 wáàtì, bákan náà pẹ̀lú ti I²R. 250 fóòtì tí gbogbo èèyàn ń rí, láàárín wáyà àlọ àti wáyà àbọ̀ ló wà, níbi jẹnẹrétọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń lò ó, 230 ló kù láàárín méjèèjì.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi V²/R sílẹ̀ bó bá ti kan òfò lórí wáyà. I²R ni kí ẹ lò. Fọ́tééjì ń yí padà láti ibì kan dé ibòmíràn lójú ọ̀nà, ó sì lè ṣini lọ́nà. Kọ́rẹ́ǹtì ní tirẹ̀, iye kan náà ló ń gba ibi gbogbo kọjá lára wáyà yẹn.

Ó wá kan tiransifọ́mà. A gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Kọ́ìlì tí iná ń gbà wọlé yí irin àárín rẹ̀ po ní ìgbà 100, èyí tí iná ń gbà jáde yí i po ní ìgbà 1,000. Ìpín ìyípo náà jẹ́ 1 sí 10, nítorí náà 250 fóòtì wọlé, 2,500 jáde. Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e nìyí: àwọn kan á tún sọ kọ́rẹ́ǹtì náà di ìlọ́po mẹ́wàá, wọ́n á kọ 400 ámípíà. Sọ 2,500 di ìlọ́po 400 kí o wò ó: mílíọ̀nù kan wáàtì, láti ara jẹnẹrétọ̀ tó ń pèsè 10,000! Tiransifọ́mà kì í dá agbára sílẹ̀. Ohun tó fi kún fọ́tééjì, ara kọ́rẹ́ǹtì ló ti yọ ọ́. Bí fọ́tééjì bá di ìlọ́po mẹ́wàá, kọ́rẹ́ǹtì á di ìdá mẹ́wàá: 4 ámípíà. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ fọ́tééjì àti kọ́rẹ́ǹtì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tiransifọ́mà, kí wọ́n sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, wọ́n ti lo ìpín náà ní òdìkejì níbì kan.

Pẹ̀lú 4 ámípíà, òfò lórí wáyà kan náà jẹ́ 4 × 4 × 0.5, ìyẹn 8 wáàtì. Ó ti kúrò ní 800. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ìdá mẹ́wàá ló di, ìdá ọgọ́rùn-ún ni, nítorí pé a máa ń sọ kọ́rẹ́ǹtì di ìlọ́po ara rẹ̀ nínú I²R. Ẹni tó bá kọ 80 wáàtì ti gbàgbé nọ́mbà 2 kékeré orí I yẹn.

Ìbéèrè kan máa ń jẹ jáde níbí, ọlọ́gbọ́n ọmọ ló sì máa ń béèrè rẹ̀: “Ṣùgbọ́n tísà, òfin Óòmù ní bí fọ́tééjì bá ga, kọ́rẹ́ǹtì náà á ga. Báwo ni kọ́rẹ́ǹtì ṣe wá lọ sílẹ̀?” Ẹ má fi ìbéèrè yìí ṣeré, ẹ má sì dáhùn pé òfin Óòmù kò ṣiṣẹ́ lórí tiransifọ́mà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ká fojú fo ìdènà wáyà fún ìgbà díẹ̀, ká sì ní gbogbo ohun èlò àwọn tó ń lo iná jẹ́ ìdènà 6.25 óòmù, ní 250 fóòtì, 40 ámípíà ni wọ́n ń fà. Bí a bá so wọ́n mọ́ 2,500 fóòtì ní tààrà, lóòótọ́ ni wọ́n á fa 400 ámípíà, wọ́n á sì jóná. Ṣùgbọ́n a kò so wọ́n bẹ́ẹ̀. Tiransifọ́mà kejì wà níwájú wọn tó ń rẹ fọ́tééjì sílẹ̀, ìyípo 1,000 ní ẹ̀gbẹ́ wáyà, 100 ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń gba 40 ámípíà lọ́wọ́ rẹ̀, 4 péré lòun ń gbà lọ́wọ́ wáyà. Lójú wáyà, nígbà náà, ohun tó wà ní ìdí rẹ̀ jẹ́ 2,500 pín sí 4, ìyẹn 625 óòmù. Tiransifọ́mà ti mú kí ìdènà 6.25 rí bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀. Fọ́tééjì di ìlọ́po mẹ́wàá, ìdènà tó dojú kọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ni kọ́rẹ́ǹtì fi di ìdá mẹ́wàá. Òfin Óòmù kò yẹ̀.

Nígbà tí a bá fẹ́ ṣe ìṣirò tiransifọ́mà kejì yìí, ẹ má fi 2,500 bẹ̀rẹ̀. Wáyà ti jẹ 4 × 0.5, fóòtì 2, lójú ọ̀nà. 2,498 ló dé ẹnu tiransifọ́mà, 249.8 ló sì jáde.

Bákan náà, ẹ má ṣe so bátìrì tàbí iná dísì mìíràn mọ́ tiransifọ́mà ní ìrètí pé fọ́tééjì rẹ̀ á ga. Ìyípadà agbára òòfà inú irin àárín ló ń bí iná sínú kọ́ìlì kejì. Iná dísì tó dúró sójú kan kì í yí òòfà náà padà, nítorí náà kò sí ohun tó máa jáde. Kọ́ìlì tí a so ó mọ́ nìkan ló máa gbóná, nítorí pé ìdènà wáyà rẹ̀ kéré púpọ̀.

Títí di báyìí, mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé tiransifọ́mà kì í jẹ nǹkan kan. Ó ń jẹ. Ooru wà nínú kọ́ìlì rẹ̀, ooru wà nínú irin rẹ̀. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dá 97 padà nínú 100. Tiransifọ́mà àkọ́kọ́ á jẹ 300 wáàtì, ìkejì á jẹ nǹkan bí 290, wáyà á jẹ bí 8. Nǹkan bí 9,400 ló máa dé òpin, nígbà tó jẹ́ pé 9,200 ló dé láìsí tiransifọ́mà kankan. Èrè náà kò tó ohun tí 800 àti 8 mú wa retí, ẹni tó bá sì fi òfò tiransifọ́mà sílẹ̀ á ṣèlérí tí kò ní lè mú ṣẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ wáyà náà di gígùn ìlọ́po mẹ́wàá, kí ìdènà rẹ̀ di 5 óòmù. Ní 250 fóòtì, 40 × 40 × 5 jẹ́ 8,000 wáàtì. Wáyà á gbé 200 fóòtì mì, 50 fóòtì lásán ló máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dúró, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Ní 2,500 fóòtì, 80 wáàtì péré ni wáyà á jẹ. Ọ̀nà jíjìn ni tiransifọ́mà ti ń san owó ara rẹ̀ padà. Ní ọdún 1891, ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n rán iná láti Láúfẹ̀n lọ sí Fráńkífọ́ọ̀tù, kìlómítà 175, ní nǹkan bí 15,000 fóòtì, tí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára náà sì dé ibi tí wọ́n rán an sí.

Àṣìṣe tó kù ni ti ẹni tó rò pé bí fọ́tééjì bá ṣe ga tó ló dára tó, láìní òpin. Padà sí wáyà 0.5 óòmù wa. Gbígbé fọ́tééjì láti 250 sí 2,500 gba 792 wáàtì là. Bí a bá tún gbé e dé 25,000, òfò á lọ láti 8 sí 0.08, kò tó 8 wáàtì tí a tún rí gbà là. Nítorí ìyẹn, a ní láti ra tiransifọ́mà tí ààbò kọ́ìlì rẹ̀ nípọn, ká gbé wáyà ga kúrò nílẹ̀, ká mú wọn jìnnà síra, ká fi ife tánganran tó gùn sí i gbé wọn rọ̀. Bí fọ́tééjì bá sì ga ju ohun tí afẹ́fẹ́ tó yí wáyà ká lè gbà lọ, iná á máa jò sínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ariwo wíríwírí, òfò tuntun nìyẹn. Fún 10,000 wáàtì, kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun tí a fẹ́ rán lórí wáyà kan náà bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá wáàtì, 4,000 ámípíà ni 2,500 fóòtì máa fà, mílíọ̀nù mẹ́jọ wáàtì á sì ṣòfò lójú ọ̀nà. Ní 25,000, kọ́rẹ́ǹtì di 400, òfò di 80,000. Iye agbára àti ìdènà wáyà ló ń sọ ibi tó yẹ kí fọ́tééjì dúró.