Pọ́ọ̀ndù ẹja aládùúgbò já wọ ṣọ́ọ̀bù mi l'Ákùrẹ́: ẹjọ́ wo ni kí n pè?

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀nà Ọbà-Ilé ni mò ń gbé, mo rẹ́ńtì ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Aládùúgbò wa lókè kọ́ pọ́ọ̀ndù ẹja àrọ̀ mẹ́rin oníbúlọ́ọ̀kù sẹ́yìn fẹ́ǹsì wa, ẹja tó ń tà ni. Òórùn rẹ̀ àti ariwo jẹnẹrétọ̀ tó fi ń fa omi lóru ò jẹ́ ká sùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀kan já, omi wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ìrẹsì àti fúláwà bàjẹ́. Ó ní birikìlà ló kọ́ ọ, òun ò jẹ̀bi. Ẹjọ́ wo ni kí n pè é?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹjọ́ méjì ló wà níbẹ̀ o, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Òórùn àti ariwo, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, núsáǹsì nìyẹn, ìyẹn ìyọnu tí aládùúgbò ń fà tí kò jẹ́ kí ẹ gbádùn ilé yín. Omi tó já wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ba ọjà jẹ́, òfin Rylands lẹ máa kọ́kọ́ gbé ka iwájú adájọ́: ẹni tó bá kó ohun tó lè ṣèjàǹbá jọ sórí ilẹ̀ ẹ̀ ló máa sanwó tó bá jáde, kódà tí kò ṣe àìbìkítà.

Ní ti núsáǹsì, ìbéèrè tí adájọ́ máa bi ara ẹ̀ ni pé ṣé ìyọnu yìí ti kọjá ohun tó yẹ kí aládùúgbò fara dà. Á wo àkókò, á wo bó ṣe ń pẹ́ tó, á wo irú àdúgbò tẹ́ ẹ wà. Jẹnẹrétọ̀ ní aago méjì ọ̀sán kì í ṣe ẹgbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ní aago méjì òru, àti pé ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ò lè retí irú ìdákẹ́jẹ́ tí àdúgbò tí wọ́n ń gbé sùn máa ní. Ẹjọ́ Abiola àti Ijeoma ní Èkó lọ́dún 1970 fara jọ tiyín gan-an: adìẹ tí ẹnì kan ń sìn lẹ́yìnkùlé ń ké láàárọ̀ kùtùkùtù, ó tún ń rùn, kọ́ọ̀tù sì dá ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu láre. Ohun tó dùn nínú núsáǹsì ni pé yàtọ̀ sí owó, kọ́ọ̀tù lè pàṣẹ pé kó dáwọ́ ohun tó ń ṣe dúró.

Rylands ò bìkítà bóyá ó pẹ́ tàbí kò pẹ́. Ẹjọ́ tó bí i ti wà tipẹ́, ọdún 1868 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìlú Òyìnbó parí ẹ̀. Rylands ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ odò àtọwọ́dá fún ilé iṣẹ́ òun, wọn ò dí àwọn ihò àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, bí omi ṣe kún báyìí ló gba ibẹ̀ ya wọ ibi tí Fletcher ti ń wa èédú. Rylands fúnra ẹ̀ ò ṣe àìbìkítà kankan, àwọn tó gbà síṣẹ́ ni, síbẹ̀ òun ló sanwó. Nítorí náà ọ̀rọ̀ "birikìlà ló kọ́ ọ" yẹn ò gbà á níbi òfin yìí, òun ló kó omi jọ, tiẹ̀ ni tó bá jáde. Tó bá fẹ́, kó lọ bá birikìlà ẹ̀ jà.

Òfin yìí ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà náà. Lọ́dún 1975, nínú ẹjọ́ Umudje àti Shell-BP, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa fi mú iléeṣẹ́ náà torí ìdọ̀tí epo tó ṣàn wọ ilẹ̀ àwọn ará abúlé. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ kan náà, omi odò tí iléeṣẹ́ yẹn dí tí kò jẹ́ kó ṣàn mọ́, wọn ò lè fi Rylands gba owó ìyẹn, torí kò sí ohun tó jáde. Ó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ ẹni yẹn kó wọ tiyín. Ká ní inú ọgbà ẹ̀ lẹ dúró sí nígbà tó já ni, Rylands ò lè gbà yín.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi kan ní tánkì omi aládùúgbò òun náà já, lọ́yà sì sọ fún un pé kò sí Rylands níbẹ̀. Ṣé tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Lọ́yà yẹn ò purọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ Rylands ti ń kú nìyí. Ohun tí ẹni náà kó jọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó lè ṣèjàǹbá tó bá bọ́, kó sì jẹ́ ìlò ilẹ̀ tó ṣàjèjì, tó ju ti ilé gbogbo lọ. Omi ẹ̀rọ nínú ilé, tánkì tá a fi ń wẹ̀ tá a fi ń sebẹ̀, ìlò ojoojúmọ́ ni kọ́ọ̀tù kà á sí, ẹjọ́ Rickards àti Lothian lọ́dún 1913 sọ bẹ́ẹ̀, ti Transco lọ́dún 2003 sì tún un sọ nígbà tí páìpù tó gbé omi lọ fún ilé alájà bẹ́. Ọ̀rẹ́ yín máa ní láti fi hàn pé ẹni náà ṣe àìbìkítà.

Tiyín yàtọ̀. Pọ́ọ̀ndù ńlá mẹ́rin fún òwò, lórí òkè, tí ilé ẹlòmíì wà nísàlẹ̀. Mi ò ní búra fún yín pé adájọ́ á gbà, torí lọ́yà tiẹ̀ máa ní ta ni kì í sin ẹja l'Ákùrẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ ní ọ̀rọ̀ láti sọ dáadáa. Ẹ wọn pọ́ọ̀ndù náà tẹ́ ẹ bá ráyè, tàbí kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn tó dúró níbẹ̀, kí adájọ́ lè rí i pé omi yìí kì í ṣe ti báàfù.

Ìbéèrè: Ó tún ní òjò ló fà á, pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni.

Ìdáhùn: Àwíjàre yẹn wà lóòótọ́ o. Lọ́dún 1876, nínú ẹjọ́ Nichols àti Marsland, òjò kan rọ̀ tí irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí, adágún omi obìnrin yẹn kún ya, kọ́ọ̀tù sì dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò tí ẹnikẹ́ni ò lè retí ni o. Òjò oṣù kẹsàn-án l'Óńdó, tó ń rọ̀ lọ́dọọdún, ta ló máa sọ pé òun ò retí ẹ̀?

Ìbéèrè: Mo gbàgbé, ògiri pọ́ọ̀ndù yẹn ti ń rin tipẹ́. Mo sọ fún un lórí Wátsáàpù, ó ní òun máa wò ó.

Ìdáhùn: Háà, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn lẹ ì bá kọ́kọ́ sọ! Ẹni tó mọ̀ pé ìyọnu wà lórí ilẹ̀ òun tí kò wá nǹkan ṣe sí i, núsáǹsì mú un, kódà tí kì í bá ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Ẹjọ́ Sedleigh-Denfield lọ́dún 1940 nìyẹn: àwọn ẹlòmíì ló ri páìpù sínú kòtò lórí ilẹ̀ àwọn àlùfáà kan láìgbàṣẹ, irin tó yẹ kó máa dá pàǹtí dúró ò sí níbi tó yẹ, àwọn tó nilẹ̀ mọ̀ nípa páìpù yẹn fún bí ọdún mẹ́ta, páìpù dí, omi ya wọlé aládùúgbò. Wọ́n jẹ̀bi. Tí Rylands bá wá já lọ́wọ́ yín torí adájọ́ ní pọ́ọ̀ndù ẹja kì í ṣe nǹkan àjèjì, èyí ṣì dúró. Àìbìkítà náà ti wọ̀ ọ́. Núsáǹsì, Rylands àti àìbìkítà, ẹ pè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú ìwé ẹjọ́ kan, kò sí òfin tó ní kí ẹ mú ọ̀kan.

Ìbéèrè: Ayálégbé ni mí, ṣé mo lè pè é? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi náà yọ̀ ṣubú nínú omi yẹn, ọwọ́ ẹ̀ dá.

Ìdáhùn: Ayálégbé lè pè é dáadáa, torí ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ilé yẹn. Ọmọ yẹn ni ò ní, àlejò lásán ni níwájú òfin núsáǹsì, ẹjọ́ Hunter àti Canary Wharf lọ́dún 1997 ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ nílùú Òyìnbó. Àwọn adájọ́ wọn tún ti sọ pé Rylands kì í ṣe fún ara tó fara pa, ti ilẹ̀ àti dúkìá ni. Nítorí náà owó ọsibítù ọmọ, abẹ́ àìbìkítà ni kó wà, mẹ́sẹ́èjì Wátsáàpù yẹn lẹ sì máa fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Kí birikìlà ẹ̀ tó mọ ògiri yẹn padà, ẹ ya fọ́tò ibi tó já, ibi tí omi dé lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, àti ọjà tó bàjẹ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì tẹ́ ẹ fi ra ìrẹsì yẹn. Ẹ má pa mẹ́sẹ́èjì rẹ́. Kí lọ́yà yín kọ lẹ́tà sí i kó tún pọ́ọ̀ndù mẹ́ta tó kù ṣe, torí tí òmíràn bá tún já lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, kò ní rí ẹnu sọ pé òun ò mọ̀.