Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí Custom Curves: fídíò ọ̀sán gangan tí aṣọ funfun jó, tí ojú sì ṣókùnkùn

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, oòrùn máa ń dúró gangan lórí àtàrí ẹni ní Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà àti Ìsánlú. Tí aago bá ti lé díẹ̀ ní méjìlá àbọ̀, òjìji rẹ kò ní gùn kọjá ẹsẹ̀ rẹ. Àsìkò yẹn náà ni ọdún Àjíǹde sábà máa ń bọ́ sí, tí àwọn ọmọ wa ń ti Àbújá àti Èkó wálé wá ṣègbéyàwó. Ẹni tó bá ń ya fídíò ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó máa bá pàdé nílé: agbádá funfun tó ń dán bí iná mànàmáná, pẹ̀lú ojú tó pamọ́ sábẹ́ fìlà. Mo fẹ́ sọ àwọn àṣìṣe tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń lo kọ́fù, ìyẹn ìlà tí a ń tẹ̀ láti yí ìmọ́lẹ̀ àwòrán padà, láti fi tún irú fídíò bẹ́ẹ̀ ṣe. Gbogbo wọn ni èmi náà ti ṣe rí. DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fídíò ṣe, ni màá fi ṣàpèjúwe, nítorí pé èyí tí wọn kò gba owó lé lórí pàápàá ní Custom Curves.

Fídíò kan ni màá dì mú títí dé òpin. Bàbá ìyàwó ni, ní Ìsánlú, ó ń jáde láti abẹ́ kánópì aláwọ̀ búlúù bọ́ sínú oòrùn. Ó wọ agbádá funfun àti fìlà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wà nínú oòrùn, ojú àti iwájú orí rẹ̀ wà nínú òjìji fìlà. Kámẹ́rà náà ń gbà á sílẹ̀ ní 8-bit, ìyẹn ni pé òǹkà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò kọjá láti òdo dé 255.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé bí wọ́n bá ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ lára agbádá débi pé ó ti jó, wọ́n á di orí kọ́fù mú ní igun òkè lápá ọ̀tún, wọ́n á fà á wálẹ̀. Aṣọ náà á kúrò ní funfun, á di eérú. Wọ́n á ní àwọn ti gbà á padà. Ẹ wò ó dáadáa: ṣé iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ti hàn? Ṣé ẹ rí ibi tí aṣọ ti ká? Bí kò bá hàn, ìmọ́lẹ̀ nìkan lẹ dín kù, ẹ kò gba ohunkóhun padà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́fù, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá nǹkan ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ṣí Waveform, àwòrán tó ń fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fídíò hàn. Òdo ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, 1023 ni òkè rẹ̀. Agbádá bàbá yìí lẹ̀ mọ́ 1023 bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà, ẹnikẹ́ni tó bá rí i á ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ń kọ ìmọ́lẹ̀ kọjá ibi tí funfun parí sí. Nínú fáìlì 8-bit, 235 ni funfun, òun ló bọ́ sí 1023 lórí Waveform, kámẹ́rà sì lè kọ ọ́ dé 255. Àlékún yẹn wà nínú fáìlì, Waveform ni kò ní àyè láti fi í hàn. Torí náà, nínú nóòdù àkọ́kọ́, ìyẹn àpótí iṣẹ́ tí fídíò kọ́kọ́ ń gbà kọjá, ẹ fa Gain tó ń darí ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ láti 1.00 sí 0.91, kí ẹ sì máa wo ìlà náà. Tí ó bá wálẹ̀ tí ó ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti jó lóòótọ́, kò sí kọ́fù tó lè ṣe é. Tí ó bá wálẹ̀ tí ó sì tú ká, tí ẹ rí i tí ó ń lọ sókè sódò bí etí aṣọ tí a ká, nǹkan wà níbẹ̀. Ti bàbá yìí tú ká: lẹ́yìn Gain, agbádá náà wà láti 830 dé 1010. Èjìká òsì nìkan ló ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìdí tí mo fi ṣe é nínú nóòdù àkọ́kọ́ ni pé mo fẹ́ kí gbogbo ìmọ́lẹ̀ ti wọ inú àpótí kọ́fù kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìlà. Bákan náà, tí ẹ bá ń lo LUT, fáìlì àwọ̀ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ẹ fi sí ẹ̀yìn iṣẹ́ yìí. LUT tó bá ṣáájú lè gé orí funfun àti ìdí dúdú kúrò, ohun tó bá sì ti gé, nóòdù tó tẹ̀ lé e kò ní rí i mọ́.

Ẹ̀wẹ̀, ohun kan wà tó yẹ kó yé wa nípa kọ́fù. Ohun tó wọlé ni ìlà ìbú, ohun tó jáde ni ìlà òró. Ibi tí kọ́fù bá ti ga bí òkè, àwọn àwọ̀ tó wà níbẹ̀ máa ń jìnnà síra, ojú á sì rí ìyàtọ̀ wọn. Ibi tó bá ti tẹ́, wọ́n á sún mọ́ra, ìyàtọ̀ á pòórá. Igun sí igun kan náà ló sì ń lọ, nítorí náà, gíga tí ẹ bá fún apá kan, apá mìíràn ló máa san án. Ìdí nìyẹn tí fífa orí kọ́fù wálẹ̀ kò fi gba agbádá là: ṣe ló ń tẹ́ apá tí agbádá wà, nígbà tó jẹ́ pé gíga ni agbádá ń wá. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi igun òkè sílẹ̀ níbi tó wà, mo wá fi ojú àmì kan sí 830, níbi tí aṣọ náà ti bẹ̀rẹ̀, mo fà á wálẹ̀ sí 770. Láti 770 dé 1023 ni aṣọ wá ní àyè báyìí, dípò láti 830. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá hàn, funfun rẹ̀ kò sì di eérú.

Ti òjìji, àṣìṣe ibẹ̀ jọ èyí, ìsàlẹ̀ ló kàn ti ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á fa igun ìsàlẹ̀ lápá òsì sókè. Gbogbo dúdú inú àwòrán á di bí ẹni fi ẹ̀kọ omi pò ó: irun, bàtà, abẹ́ ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ á rí bí èéfín. Ẹ fi igun yẹn sílẹ̀ lórí òdo. Dúdú tó dúdú dénú ló ń jẹ́ kí ojú gbà pé ìyókù mọ́lẹ̀.

Àwọn tó mọ èyí pàápàá ṣì máa ń ṣàṣìṣe lórí ibi tí wọ́n ń fi àmì sí. Ojú bàbá nínú òjìji wà láti 100 dé 155. Ọ̀pọ̀ yóò fi àmì sáàárín ojú náà, ní bíi 125, wọn á gbé e sókè. Ojú á mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àmì yẹn ni kọ́fù ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́, ìdajì ojú náà sì ti bọ́ sínú ibi tó tẹ́. Á wá dà bí ojú ẹni tí wọ́n fi pàúdà kun, kò ní sí ìlà imú, kò ní sí ilà ojú. Mo fi àmì tèmi sí 160, lẹ́yìn tí ojú ti parí, mo gbé e sí 235. Gbogbo ojú náà wà lórí apá tó ga. Ohun tó gba ìwọ̀n 55 tẹ́lẹ̀ ti gba nǹkan bí 80.

Ta ló wá san án? Ìbéèrè tí wọn kì í bi ara wọn nìyẹn, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bí o bá gbé òjìji sókè tí o fa funfun wálẹ̀, àárín ló ń tẹ́, àárín sì ni ara tó wà nínú oòrùn sábà máa ń wà. Mo ti rí fídíò tí òjìji rẹ̀ dára, tí aṣọ rẹ̀ dára, tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ wá dà bí ẹni tí kò fi ìpara para láti àárọ̀. Ẹ wo Waveform, kí ẹ wá ibi tí nǹkan kò pọ̀ sí. Nínú fídíò yìí, láàárín 160 sí 350, abẹ́ kánópì àti ògiri nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn ni mo jẹ́ kó san án, pẹ̀lú ohun tó wà láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti agbádá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nínú oòrùn wà ní 400. Mo fi àmì sí i, mo gbé e díẹ̀ sí 430, kó má baà jẹ́ pé òjìji sún mọ́ ọn jù tí ìyàtọ̀ oòrùn àti òjìji á fi parẹ́. Ọ̀sán ni, ó yẹ kí ọ̀sán hàn. Àmì mẹ́ta péré ló wà lórí kọ́fù náà: 160 sí 235, 400 sí 430, 830 sí 770. Tí ẹ bá rí i pé tiyín ti di mẹ́fà tàbí méje, ẹ pa wọ́n rẹ́, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì gbé òjìji kọjá ohun tí fáìlì lè gbé. Ojú bàbá yẹn, kí n tó fa Gain, jẹ́ ìwọ̀n 60 lórí 1023. Nínú fáìlì 8-bit, ìpele bíi 13 péré nìyẹn. Àwọ̀ 13 ni kámẹ́rà fi ya gbogbo ojú àgbàlagbà. Kọ́fù kò lè sọ wọ́n di 30, ó kàn lè tì wọ́n jìnnà síra ni. Tí apá kọ́fù tó wà níbẹ̀ bá ga ju ìlọ́po méjì lọ, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìlà bí àkàbà níwájú orí, àti àwọn ẹ̀rún pupa àti aláwọ̀ ewé tó ń hó bí èèrà tí fídíò bá ń lọ. Ẹ máa tẹ fídíò kó máa lọ kí ẹ tó dájọ́, nítorí àwòrán tó dúró kì í fi híhó yẹn hàn. Tèmi ga tó ìlọ́po kan àbọ̀, mo sì dúró síbẹ̀.

Àwọ̀ tó pamọ́ nínú òjìji náà máa ń jáde tí a bá gbé e sókè. Kánópì búlúù ti da búlúù sí iwájú orí bàbá, ilẹ̀ pupa wa sì ti da pupa sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó ṣókùnkùn, kò sẹ́ni tó rí i. Ẹ lọ sí Lum Vs Sat, kọ́fù tó ń dín agbára àwọ̀ kù bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe tó, ẹ fa apá òsì tó jẹ́ ti dúdú wálẹ̀ díẹ̀. Búlúù tó bá ṣì kù, ẹ tú àwọn ìlà Custom Curves kúrò lára ara wọn, kí ẹ fa ti B, ìyẹn búlúù, nìkan wálẹ̀ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe lo ìlà Y nìkan láti gbé òjìji sókè torí ẹ̀rù àwọ̀ yìí. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń gbé, àwọ̀ ara kì í bá a gòkè, awọ dúdú wa sì máa ń funfun bí ẹni tó rìn nínú ọyẹ́.

Èjìká òsì agbádá yẹn, mo fi í sílẹ̀ ní funfun. Mo gbìyànjú láti bò ó pẹ̀lú àwọ̀ aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àbùlẹ̀ ló hàn. Mo dá a padà. Nígbà tí wọ́n fi fídíò náà han ìyàwó, ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò.