Bí mo ṣe mú kí inú ilé tí mo là hàn kedere nínú Blender

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ilé alájà mẹ́ta kan tí mo yà nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà fún àwòrán 3D, jà. Mo fi Boolean, irinṣẹ́ tó ń fi ohun kan gé òmíràn, gé iwájú rẹ̀ kúrò pẹ̀lú Difference kí yàrá inú lè hàn, àmọ́ ilé ọmọláńgidi ló jáde. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ya wọ gbogbo yàrá láti iwájú tó ṣí sílẹ̀, ojú ibi tí mo gé sì funfun bí ògiri yòókù, débi pé èèyàn ò mọ ibi tí àjà kan parí sí.

Mo dín oòrùn kù, gbogbo rẹ̀ kàn ṣókùnkùn. Mo fa ìlà dúdú sí etí ògiri, kò wá jọ fọ́tò mọ́.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé mi ò ju apá iwájú nù mọ́. Mo ṣe ẹ̀dà ilé náà, mo lo Intersect dípò Difference kí apá iwájú nìkan lè kù. Nínú Object Properties apá iwájú yẹn, lábẹ́ Visibility, Ray Visibility, mo yọ àmì kúrò lára Camera. Kámẹ́rà ò rí i mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dí ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ojú fèrèsé nìkan ni oòrùn ń gbà wọlé. Yàrá kọ̀ọ̀kan wá ní òjìji bíi ti ilé gidi.

Ṣùgbọ́n ojú ibi tí mo gé wá dúdú bí èédú, torí apá iwájú fara tì í. Mo fún un ní Emission aláwọ̀ eérú tó ṣú, tí kò nílò ìmọ́lẹ̀ kankan. Ògiri, òpó àti àjà wá hàn ketekete ní àwọ̀ kan náà.

Cycles, ẹ̀rọ inú Blender tó ń ya àwòrán ìkẹyìn, ni mo fi ṣe é. Tí fèrèsé ilé yín bá kéré, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ nílò iná Area kékeré nínú yàrá.