Bí a ṣe ń wá àkáǹtì Gmail tí Google pa rẹ́ nítorí àìlò

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni òfin Google ti gbà á láyè láti pa àkáǹtì ti ara ẹni tí a kò lò fún ọdún 2 rẹ́, pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà àti fọ́tò inú rẹ̀. Àkáǹtì tí iléeṣẹ́ tàbí iléèwé ṣí fúnni kò sí lára rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ àdírẹ́sì náà síbi tí a ti ń wọlé. Bí ẹ bá rí “Couldn't find your Google Account”, ẹ tún sípẹ́lì rẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé álífábẹ́ẹ̀tì kan tó ṣì lè mú èsì yẹn jáde. Bí ó bá sọ fún yín pé wọn ò tíì pa á rẹ́ pẹ́, ẹ lọ sí accounts.google.com/signin/recovery lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé Google kò ṣèlérí iye ọjọ́ kankan.

Fọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bà jẹ́. Wọ́n á sáré lọ sí ilé kọ̀ǹpútà, tàbí kí wọ́n yá fóònù ọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Google ń wò ó bóyá ẹ̀rọ, búráúsà àti ibi tí ẹ wà jọ ti àtijọ́. Fóònù àtijọ́ ni kí ẹ lò, nínú ilé tí ẹ ti máa ń lò ó. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ rántí kẹ́yìn, ẹ má fò ó. Èyí tó ti gbó pàápàá sàn ju òfo lọ, kí ẹ sáà kíyè sí álífábẹ́ẹ̀tì ńlá àti kékeré. Ẹni tó bá ní òun yóò bá yín gbà á padà, tó wá ń béèrè kóòdù tó wọ fóònù yín, olè ni.

Bí ilẹ̀kùn bá ti tì, àdírẹ́sì náà kò ṣeé fi ṣí àkáǹtì tuntun mọ́, fún yín tàbí fún ẹlòmíì. Ẹ̀dà tó kù sórí ẹ̀rọ ni kí ẹ wá. Àbúrò mi kan ní làpútọ́ọ̀pù tí ó ti ń fi Thunderbird ka lẹ́tà tẹ́lẹ̀. Mo pa Wi-Fi kí n tó ṣí i, kí ó má baà gbìyànjú láti bá Google sọ̀rọ̀. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ wà níbẹ̀ pérépéré. Nínú Help, a tẹ Troubleshooting Information, a sì ṣí Profile Folder. Ó ti kọ́kọ́ da INBOX.msf nìkan kọ sórí fúláàṣì, láìmọ̀ pé atọ́ka lásán nìyẹn. INBOX tí kò ní ìrù ni lẹ́tà wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń tóbi jù ú lọ fíìfíì. Èmi a máa da gbogbo fódà náà kọ, kí n má baà ṣì í yàn.

Lórí fóònù, ẹ má yọ àkáǹtì náà kúrò, nítorí pé ẹ̀dà inú rẹ̀ yóò bá a lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi nọ́ńbà fóònù wọ àwọn ìkànnì tí ẹ ti fi àdírẹ́sì yẹn forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀; ti báńkì ni kí ẹ fi ṣáájú, àní bí ó bá gba pé kí ẹ lọ sí ẹ̀ka wọn.