Bí a ṣe ń sọ fún olùpèsè pé kó yí iye ọjà padà lẹ́yìn tó ti fọwọ́ sí ọ́dà

Ẹ pè é kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ohun tí ẹ máa bi í ò ju ẹyọ kan lọ: "Ibo lẹ bá iṣẹ́ wa dé?" Bí wọn ò bá tíì di ọjà, ọ̀rọ̀ rọrùn. Bó bá jẹ́ ọjà tí wọ́n ti ń tẹ orúkọ yín sí lára ni, wọ́n lè má gbà kí ẹ dín in kù, torí wọn ò rí ẹlòmíì tà á fún.

Ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Mo mọ oníṣòwò kan tó bèèrè ìwé àkọsílẹ̀ 480, ìyẹn 20 páálí, ìwé 24 nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó fẹ́ kó di 600. Ló bá kọ 600 sínú fọ́ọ̀mù tuntun, ó fi ránṣẹ́. Ẹni tó gba tuntun kọ́ ló gba ti àkọ́kọ́. Wọ́n kó 480 dé, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n kó 600 dé. Ìwé 1,080 kún ilẹ̀, ìfọwọ́sí rẹ̀ sì wà lórí fọ́ọ̀mù méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ má kọ fọ́ọ̀mù tuntun rárá. Abẹ́ ìwé tí wọ́n fi fọwọ́ sí ọ́dà ni kí ẹ ti fèsì. Ẹ má sì kọ "ẹ fi 120 kún un" lásán, torí ẹni tó ń kánjú lè ka 120 sí àpapọ̀ iye, tàbí kó pè é ní páálí. Bí èmi ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

"Ọ́dà 0417, ìlà kejì, ìwé àkọsílẹ̀. Iye tẹ́lẹ̀: ẹyọ 480, páálí 20. Iye tuntun: ẹyọ 600, páálí 25. Iye tuntun yìí rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ọ́dà mìíràn. Ìlà yòókù ò yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé ìfọwọ́sí tí ẹ tún ṣe ránṣẹ́, kí owó ẹyọ kan àti ọjọ́ tí ọjà máa dé wà níbẹ̀."

Ẹ rí i pé iye tuntun pé páálí. Wọn kì í fẹ́ tú páálí. Bó bá jẹ́ dídínkù ni, ẹ wo owó ẹyọ kan dáadáa, torí ẹ̀dínwó tí wọ́n ṣe fún ọjà púpọ̀ lè yẹ̀.

"A ti gbọ́" kì í ṣe ìfọwọ́sí. Títí ìwé tuntun á fi dé, iye tẹ́lẹ̀ ṣì ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Bó bá dé, mo máa ń fi bírò pupa kọ "a ti fagi lé e" gàdàgbà sórí ti àtijọ́, màá sì fún ẹni tó ń ka ẹrù lẹ́nu ọ̀nà ní ẹ̀dà tuntun, kó má lọ fi 480 gba ẹrù 600.