Bí a ṣe ń kọ̀wé sí ayálégbé kí a tó wọlé wò

L'Ékòó, tí ayálégbé bá ti gbọ́ "nóòtísì" báyìí, ohun tó máa sọ sí i lọ́kàn ni pé lánlọ́ọ̀dù ti ní kó kó jáde. Mo mọ ẹnì kan tó gba ìwé àyẹ̀wò ilé lásán, ọ̀dọ̀ lọ́yà ló gbà lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó kọ ìwé náà kọ "NÓÒTÍSÌ" gàdàgbà sókè, ó sì di ìsàlẹ̀ pátápátá kó tó sọ pé àjà ilé tó ń jò lòun fẹ́ wá wò. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí i rárá. "Mo fẹ́ wá wo ilé" ti tó.

Òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí ayálégbé gba onílé tàbí aṣojú rẹ̀ láàyè láti wo bí ilé ṣe wà, kí wọ́n sì tún ibi tó yẹ ṣe, àmọ́ ojúmọmọ ni, ní àkókò tó bójú mu, pẹ̀lú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí àtẹ̀gùn kì í ṣe ìwé. (Òfin náà yọ Ìkòyí, Fikitóríà Áílàǹdì, Àpápá àti Jíárẹ̀ẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀; ẹni tó nílé níbẹ̀, kó wo àdéhùn tó fọwọ́ sí.) Kò ka iye ọjọ́ fún wa. Àwọn ará wa tó bá ti ìlú Ọba dé a máa ní wákàtí 24, nítorí bí òfin ṣe rí lọ́hùn-ún nìyẹn. Ọjọ́ 3 lèmi ń fún wọn. Ẹni tó ń jáde láago 5 ìdájí, tó ń wọlé láago 9 alẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè tún yàrá ṣe láàárín wákàtí 24?

Ẹ wo èyí tí mo kọ nígbà tí omi ń jò láti balùwẹ̀ òkè sórí pálọ̀ ìsàlẹ̀:

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Omi ń jò láti abẹ́ balùwẹ̀ yín. Èmi àti púlọ́ńbà kan máa wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé, láàárín aago 10 sí 11 àárọ̀. Balùwẹ̀ àti kíṣìnì nìkan la máa wọ̀. Tí àkókò náà kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sọ èyí tó rọ̀ yín láàárín ọ̀sẹ̀ náà."

Ọjọ́rú ni mo fún un. Ìwé ọmọ iléèwé olójú-ewé 40 ni mo fi ṣe ìwé ìgbàwé, ibẹ̀ ni ayálégbé ń fọwọ́ sí pé òun rí i gbà. Lẹ́yìn náà ni mo ya fọ́tò ìwé náà, mo fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, torí ìwé a máa sọnù sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ jù rèé: ọjọ́ pé, ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò dáhùn, kọ́kọ́rọ́ kejì sì wà lápò yín. Ẹ dá a padà sápò! Ìwé tí ẹ kọ kò sọ yín di ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn nígbà tí ayálégbé kò sí nílé. Kíatékà kan ládùúgbò wa wọlé bẹ́ẹ̀, ó wo ògiri, ó jáde. Nírọ̀lẹ́, ayálégbé ní owó àjọ òun ò pé mọ́. Bóyá ó kúrò lóòótọ́ bóyá kò kúrò, kò sẹ́lẹ́rìí, ìyà ọ̀rọ̀ náà sì jẹ ọkùnrin yẹn fún oṣù mélòó kan. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ kọ ìwé kejì, ẹ dá ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń kọ kí n tó ké sí lọ́yà.

Tí páìpù bá bẹ́ tàbí iná bá ń sọ, ìyẹn ò ṣeé dúró dè. Ẹ pe fóònù ayálégbé, ẹ mú aládùúgbò méjì wọlé, ẹ pa omi tàbí iná náà, ẹ jáde. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe àti aago tí ẹ ṣe é sínú ìwé.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ lè ní ẹ fẹ́ wà nílé kí wọ́n tó wọlé. Ẹ lè béèrè orúkọ ẹni tó ń bọ̀ pẹ̀lú onílé, ẹ sì lè sún ọjọ́ síwájú, àmọ́ ẹ má sún un títí láé. Fọ́tò ibi tó bàjẹ́ ni kí wọ́n yà, kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀dì yín. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ní ti Ìyá Ìbejì, ó ní Sátidé kò wọ̀ torí ó ń lọ òde. A lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí jáde ló ti yọ lójú ìsopọ̀. Ìṣẹ́jú 15 la lò, mo sì kọ ọjọ́ tí púlọ́ńbà máa padà wá sínú ìwé olójú-ewé 40 yẹn kí n tó sọ̀ kalẹ̀, òun náà fọwọ́ sí i.