Ìrírí mi: ìrọbí àkọ́bí kan, láti ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ ti ń ṣí títí ibi fi wálẹ̀

Agbẹ̀bí ni mí. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo ni ìrọbí ṣe ń lọ gan-an, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣàlàyé ẹ̀, torí pé ìparí ẹ̀ ni nǹkan ti fẹ́ yíwọ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń rò pé ó ti tán.

Aago 10 alẹ́ ni obìnrin náà wọlé, àkọ́bí ẹ̀ ló fẹ́ bí. Inú ti ń mú un láti ọ̀sán, ó sì ti rí ikun tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, ló bá rò pé ọmọ ti dé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, sẹ̀ǹtímítà 3 péré ló ṣí. Ṣẹ́ ẹ rí i, ilé ọmọ ní ọrùn nísàlẹ̀, tí obìnrin bá wà nínú oyún ọrùn yẹn máa ń gùn, á le, á sì padé, tí ìrọbí bá wá bẹ̀rẹ̀, ilé ọmọ á máa sún kì, á máa fa ọrùn náà sókè, á rọ̀, á fẹ́lẹ́, á sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀. 10 là ń retí, ìgbà yẹn ni orí ọmọ lè kọjá. Kó tó dé 5 ló máa ń falẹ̀ jù, àkọ́bí lè lo odidi ọjọ́ kan níbẹ̀ láìsí pé nǹkan kan bàjẹ́. Mo ní kó máa mu omi, kó máa rìn, tó bá ti rẹ̀ ẹ́ kó sùn.

Aago 2 òru, ó di 5. Ibẹ̀ ni ìrọbí ti gbóná, ó ń mú un bíi ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú 10, ìkọ̀ọ̀kan sì ń sún mọ́ ìṣẹ́jú kan. Mò ń gbọ́ ọkàn ọmọ léraléra, 110 sí 160 níṣẹ́jú kan ló yẹ kó máa lù. Omi já ní nǹkan bí aago 4, ó mọ́, tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé ni, á jẹ́ pé ọmọ ti yàgbẹ́ sínú ẹ̀, a ò ní lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Aago 7 ló pariwo: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ó ń ṣe mí bíi kí n yàgbẹ́!" Mo yẹ̀ ẹ́ wò, 9, etí ọrùn ilé ọmọ ṣì kù díẹ̀ níwájú. Tó bá ń tì nígbà yẹn, etí yẹn á wú, ọ̀nà á tún há sí i. Mo ní kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kó máa mí hẹ́-hẹ́-hẹ́, mo sì jẹ́ kó tọ̀, torí ìtọ̀ tó bá kún inú máa ń dí ọmọ lọ́wọ́ àtisọ̀kalẹ̀. Aago 8 kọjá díẹ̀ ló tó pé 10.

Ìpele kejì nìyẹn, títì. Mo ní kó máa tì nígbà tí inú bá mú un nìkan, tó bá ti fi í sílẹ̀ kó sinmi. Orí á yọ, á tún padà, ẹ̀rù bà á pé ọmọ ń sá wọlé, mo ní rárá, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí orí ò padà mọ́ mo ní "Màmi, ẹ má tì mọ́, ẹ máa mí," kí abẹ́ má bàa ya. Orí jáde, ó fúnra ẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èjìká lè ráàyè kọjá, ara tó kù sì yọ̀ wá. Aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 5, ọmọ ké, mo nù ún, mo gbé e lé ìyá ẹ̀ láyà.

Ó wá ku ibi. Mo fọwọ́ kan ikùn láti mọ̀ pé kò sí ìbejì níbẹ̀, kí ìṣẹ́jú kan tó pé mo ti gún un ní abẹ́rẹ́ ọ́ksítósìn yúnìtì 10 sí itan, kí ilé ọmọ lè sún kì dáadáa. Mo dúró títí ìwọ́ ò fi lù mọ́, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí n tó gé e. Ẹ̀jẹ̀ tú díẹ̀, ìwọ́ gùn sí i, ikùn sì le kúlúkúlú, àmì pé ibi ti já nìyẹn. Mo fi ọwọ́ kan di ilé ọmọ mú lókè egungun abẹ́, mo rọra fi ìkejì fa ìwọ́, ó jáde ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án. Tó bá kọjá 30 tí kò wá, dókítà là ń pè. Ẹ má fa ìwọ́ nígbà tí ibi ò tíì já o, ilé ọmọ fúnra ẹ̀ lè bá a jáde. Mo tẹ́ ibi náà sílẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo ẹ̀ pé, kò sí ibì kankan tó já kù.

Gbogbo èèyàn ti ń yọ̀. Nígbà tó di aago 9 ààbọ̀ mo tún fọwọ́ kan ikùn ẹ̀, ó ti rọ̀ bíi kàn-ìn-kàn-ìn, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń dà. Ojú ibi tí ibi ọmọ ti já kúrò lára ilé ọmọ, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ló kún ibẹ̀, ilé ọmọ tó bá le nìkan ló ń fún wọn pa. Mo pariwo pe ẹnìkejì mi, mo ń fọwọ́ ra ilé ọmọ yípo, ìgbà tá a wò ó, ìtọ̀ ló tún ti kún, ó ń tì í sókè. Ó tọ̀ tán, ilé ọmọ le padà bí ọsàn, ẹ̀jẹ̀ sì dín kù. Mo mú ọwọ́ ẹ̀ lé ikùn ẹ̀, mo ní "Ẹ fọwọ́ kàn án, bó ṣe gbọ́dọ̀ le nìyí, tó bá ti rọ̀ ẹ pè mí." Ìṣẹ́jú 15, 15 ni mo sì ń padà lọ kàn án fún wákàtí méjì.